Ọ̀nà Tí Ẹ̀kú Bàbá Mi Gbà Dé Ọ̀tà

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi tó dùn mí jù bẹ̀rẹ̀: orúkọ mi ni wọ́n fi mú un. Ká ní olè ló wọlé jí i, ǹ bá ṣépè fún olè. Ká ní wọ́n fi ipá gbà á ni, ǹ bá ní kò ságbára. Orúkọ èmi àkọ́bí ni àbúrò mi dá fún bàbá wa tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú, Bàbá sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ẹ̀kú fún un. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Mo ti ń gbọ́ òwe yẹn láti kékeré, n kò mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń pa á fún.

Ọmọ ilé Ọ̀jẹ̀ ni mí, láti ìlú kékeré kan lápá Ọ̀yọ́. Ilé eégún ni ilé wa. Bàbá mi ni alágbàá níbẹ̀, òun ni olórí àwọn tó ń bójú tó eégún, ọwọ́ rẹ̀ sì ni ẹ̀kú wà. Ẹ̀kú ni aṣọ tí eégún ń gbé jáde. Tiwa ní orúkọ, Ọmọ́daṣọbò là ń pè é. Aṣọ òfì tí baba ńlá wa fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, aṣọ lórí aṣọ ló sì wà lórí ìyẹn, torí pé lọ́dọọdún, kí ọdún eégún tó pé, ọmọ ilé kọ̀ọ̀kan á mú ìrépé aṣọ tuntun wá, àwọn àgbà á rán an mọ́ ọn. Ẹni tó bímọ á mú tiẹ̀ wá. Ẹni tí ara rẹ̀ yá lẹ́yìn àìsàn á mú tiẹ̀ wá. Bí Ọmọ́daṣọbò bá ń yí lójú agbo, tí àwọn aṣọ yẹn ń fẹ́ lẹ́lẹ́, gbogbo ìdílé wa lò ń wò yẹn.

Ohun kan ṣoṣo ni Bàbá ń fẹ́ lọ́wọ́ wa. Ní ilé wa, àgbà kì í lọ láìdágbére. Bí wọ́n bá ti sin ín tán, àwọn ọ̀jẹ̀, àwọn ọmọ awo eégún, á pè é nínú ìgbàlẹ̀, igbó eégún tí obìnrin kì í wọ̀. Á jáde nínú ẹ̀kú, á rìn bó ṣe ń rìn, á sọ̀rọ̀ bó ṣe ń sọ ọ́, á pe àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, á súre fún wọn, lẹ́yìn náà á kọ ẹ̀yìn sí wọn. Ẹ má bi mí pé ta ló wà nínú ẹ̀kú. Ará ọ̀run ló wà nínú ẹ̀kú. Bàbá máa ń sọ pé, "Inú Ọmọ́daṣọbò ni n ó ti bá yín sọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Ẹ má jẹ́ kí èkúté jẹ ẹ́." Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn.

Iṣẹ́ ló gbé mi dé Ọ̀tà. Ilé iṣẹ́ oníke kan lọ́nà Sango ló gbà mí, a ń ṣe kẹ́ẹ̀gì àti ọpọ́n. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo rí súpáfáísọ̀ wa, ọkùnrin onírun funfun, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì kí i.

"My guy, wetin be this?" ló wí. "Stand up, machine dey wait!"

Gbogbo ṣíìfù bú sẹ́rìn-ín. Mo dìde, mo gbọn ìdọ̀tí kúrò láyà, ojú tì mí débi pé n kò lè jẹun ọ̀sán. Nílùú wa, bí mo bá yọ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ti máa kì mí. Ní Ọ̀tà, nọ́ńbà tó wà lára káàdì mi ni wọ́n ń pè. Ooru ẹ̀rọ, òórùn ike tó ń yọ́, ariwo tí kì í dákẹ́. Oṣù mẹ́ta ni mo fi wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó béèrè pé ọmọ ta ni mí, ẹni tó sì béèrè ọ̀hún, fọ́ọ̀mù ló ń kọ.

Oju Ore ni mo gba yàrá sí, nílé Alhaji kan, ọmọ bíbí Ọ̀tà, tó ń ta pákó. "Ará Ọ̀yọ́" ló sọ mí lórúkọ. Ní ọdún tí mo dé, lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbọ́ ariwo lójú pópó, mo sì mọ̀ kí n tó yọjú pé eégún ni. Àwọn ayálégbé tó kù sáré wọlé, ilẹ̀kùn ń dún gbàgà-gbàgà, ìyàwó Ìjẹ̀ṣà tó wà ní yàrá kejì sì ń pariwo "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" láti ojú fèrèsé. Àga ni Alhaji gbé síta ní tirẹ̀. Ó jókòó, ó fi tẹ̀súbáà sápò, ó gbé owó díẹ̀ fún atọ́kùn tó ń darí eégún náà. Èmi ti ṣí fìlà, mo ti dọ̀bálẹ̀. Eégún yẹn kò mọ̀ mí, oríkì ilé wa kọ́ ni wọ́n ń kì fún un, síbẹ̀ ó fi ìrùkẹ̀rẹ̀ kàn mí léjìká, ó fi ohùn abẹ́ ọ̀fun yẹn ní kí n má rí àjálù ní ìdálẹ̀. Omi bọ́ lójú mi. Láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé, òun lẹni àkọ́kọ́ tó súre fún mi.

Nígbà tó lọ tán, mo bi Alhaji pé ṣé ẹ̀sìn rẹ̀ kò lòdì sí i.

"Ó lòdì sí i," ló dáhùn. "Ṣìríkì ni, ká máa wá orogún fún Ọlọ́run. Ààfáà wa ti bá mi wí títí. Mi ò bọ eégún, mi ò jẹ ọ̀lẹ̀lẹ̀ wọn. Ṣùgbọ́n bàbá tó bí bàbá mi wà lára àwọn tó ń kọjá lọ un. Àwa náà ń ṣe fídáù fún òkú wa. Kí n wá ti ilẹ̀kùn mọ́ bàbá mi lójú? Háà, rárá o."

Èmi náà kò ṣe tó Alhaji. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Àdáwà pa mí débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Lásìkò yẹn, ojoojúmọ́ ni ṣọ́ọ̀ṣì tuntun ń hù ní Ọ̀tà. Ibi tí wọ́n ń kó páànù pamọ́ sí lánàá, tó bá fi máa dọ̀la, wọ́n ti to àga síbẹ̀, wọ́n ti gbé gbohùngbohùn sókè. Ẹnìkan níbi iṣẹ́ ló fà mí lọ sí ọ̀kan. Wọ́n dì mọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n pè mí ní "Brother", wọ́n bu jọ̀lọ́ọ̀fù fún mi. Bí wọ́n bá wá ń gbàdúrà pé kí iná jó gbogbo ìdè ilé bàbá wa, èmi náà á ṣe àmín, àmín tí kì í kọjá eyín. Kò sẹ́ni tí mo sọ fún pé ọmọ eégún ni mí. Wọ́n bi mí lẹ́ẹ̀kan pé iṣẹ́ wo ni bàbá mi ń ṣe, mo ní àgbẹ̀ ni. Kì í ṣe irọ́, ó ń gbin iṣu.

Lọ́dún kejì, wọ́n fún mi ní ẹ̀rọ tèmi láti máa darí, mo sì pe Bàbá. Bàbá máa ń pariwo sínú fóònù bí ẹni ń pe èèyàn lókè odò.

"O ṣeun! Orí rẹ á máa gbé ọ lékè! Aṣọ ọdún ńkọ́?"

"Mo ti rà á, Bàbá."

Áńkárá ni, búlúù tó ní ẹyẹ funfun, mo rà á lọ́jà Sango. Kò sí aṣọ tí mo rà fún ara mi lọ́dún yẹn. Lálẹ́, tí mo bá rántí pé ìrépé tèmi wà lára Ọmọ́daṣọbò, àti pé nígbà tó bá ń yí lójú agbo nílé èmi náà ń yí níbẹ̀, mo máa ń sùn dáadáa. Ohun tó so mí mọ́ ilé nìyẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo mú àbúrò mi wá. Ọ̀jẹ́kúnlé lórúkọ rẹ̀, àwa méjèèjì nìkan ni Bàbá bí tó yè. Orí rẹ̀ pé. Ó wọ yunifásítì aládàáni kan lápá Iyana Iyesi, ṣíìfù méjì lóòjọ́ ni mo sì ń ṣe kó lè máa kàwé. Èmi ni mo mú un lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, ẹ gbọ́, èmi! Mo rò pé á rí ọ̀rẹ́ níbẹ̀. Kò pẹ́ tó fi gbà á kanlẹ̀, tó ń gbààwẹ̀, tó ń bá wọn pín ìwé pélébé ní gáréèjì. Lọ́jọ́ kan ó fi káàdì ilé ìwé rẹ̀ hàn mí. Jésùkúnlé ló wà níbẹ̀.

"Ọ̀jẹ́ ńkọ́?" mo bi í.

"Bọ̀ọ̀dá mi, orúkọ òrìṣà ni."

Ó yẹ kí n jà lọ́jọ́ yẹn. Mo fi rẹ́rìn-ín. Mo ní ọmọdé ló ń ṣe é, á dàgbà. Òun náà ni mo tún ń fi aṣọ ọdún rán sí Bàbá nígbà ìsinmi, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé kò kọ̀ láti gbé e.

Ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, Kúnlé ti ilé dé pẹ̀lú àpò ńlá kan, ó ní iṣu ni, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Itele. N kò wádìí. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Bàbá pè mí níbi iṣẹ́, ẹ̀rọ ń pariwo.

"Ṣé aránṣọ ti parí?"

Aṣọ ọdún ni mo rò pé ó ń bi mí. Mo fẹ́ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

"Ó ń parí lọ, Bàbá."

"Kó má pẹ́ o. Yàrá ṣófo, mi ò gbádùn ẹ̀."

Èmi náà gbọ́ "yàrá ṣófo", n kò béèrè yàrá wo.

Lọ́jọ́ Sátidé, Kúnlé ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ má ṣàì wá lọ́la o. Ọlọ́run fẹ́ ṣe nǹkan ńlá fún ìdílé wa." Mo fọ àgbádá mi, mo lọ ọ́. Mo rò pé wọ́n fẹ́ fi í joyè kan nínú ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ni, mo sì jókòó síwájú kí n lè pàtẹ́wọ́ fún un.

Àárín ìsìn ni pásítọ̀ pè é jáde. Kúnlé gba gbohùngbohùn. Ó ní ilé ìbọ̀rìṣà ni wọ́n bí òun sí, pé òkú ń jọba lórí ìdílé àwọn, pé Ọlọ́run fún òun lọ́gbọ́n òun sì ti gbé ògbólógbòó ọ̀tá náà jáde láàárín wọn. Àwọn èèyàn ń pariwo "Halelúyà!" Wọ́n wá wọ́ àpò iṣu yẹn jáde, wọ́n tú ẹnu rẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tó yọ ni ẹyẹ funfun lórí búlúù.

Aṣọ ìyá mi tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà àrán pupa tí Bàbá mú wá nígbà tí wọ́n yàn án ní alágbàá. Ọmọ́daṣọbò kò tíì kúrò nílé rí bí kò ṣe lọ sí ìgbàlẹ̀ àti ojú agbo, òun ló nà sílẹ̀ yìí lábẹ́ fáànù ní Oju Ore.

"Ẹ yí i padà!" pásítọ̀ wí. "Ẹ jẹ́ kí ìjọ rí inú rẹ̀, kí wọ́n mọ̀ pé kò sí ará ọ̀run kankan níbẹ̀!"

Àwọn obìnrin akọrin na ọrùn, wọ́n gbé fóònù sókè. Àwọn ọkùnrin méjì di etí ẹ̀kú mú. Mo bá ara mi lórí ìdúró.

"Ẹ má ṣí inú ẹ̀! Obìnrin wà níbí!"

Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì yíjú wò mí. Ẹ ò rí nǹkan? Wọ́n ti gbé kerosíìnì dání, wọ́n fẹ́ sun ohun tí ìdílé mi fi ọ̀pọ̀ ìran rán, n kò pariwo pé kí wọ́n má sun ún. Inú rẹ̀ ni mò ń bò. Ilé ń jó, mò ń sọ pé kí wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn: bí obìnrin mawo, kò gbọdọ̀ wí. Ìyá mi ti fẹ́ bàbá mi láti ìgbà tí eyín rẹ̀ ṣì pé, kò bojú wo inú ẹ̀kú rí. Ohun tí mo fi pamọ́ fún ọdún mẹ́rin tú síta lẹ́nu ara mi.

"Brother, ọ̀kan nínú wọn ni yín?" pásítọ̀ bi mí. Ohùn rẹ̀ rọ̀ pàápàá.

"Bàbá mi ni ẹ gbé sílẹ̀ yẹn," mo ní, mo sì sáré síwájú. Mo ṣubú lé e, mo fi àgbádá mi bò ó. Wọ́n fà mí, mo di ibi tí ọwọ́ mi bá mú. Mo gbójú sókè wo Kúnlé. Ó ń sunkún, ó sì ń gbàdúrà fún mi. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin dì mí mú títí iná fi jó tán nínú dúrọ́ọ̀mù lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

Ó bá mi nílé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó kúnlẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá mi, mo gbà yín là ni. Ẹ wo bí ẹ ṣe ń ṣe wàhálà. Pásítọ̀ ní ìràwọ̀ wa là ń rán mọ́ aṣọ yẹn lọ́dọọdún."

"Ta ló gbé e fún ẹ?"

"Bàbá ni."

"Kí lo sọ fún un?"

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo béèrè kó tó sọ ọ́.

"Mo ní ẹ̀yin lẹ ní kí n gbé e wá. Pé ẹ ti rí aránṣọ tó máa tún ibi tí èkúté jẹ ṣe. Wọ́n bu omi sílẹ̀ kí wọ́n tó gbé e fún mi. Wọ́n sọ fún ẹ̀kú pé, 'Ọmọ yín àgbà ló ń pè yín sí Ọ̀tà o, ẹ bá a lọ.'"

Mo ti fẹ́ lù ú. Nígbà tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ omi yẹn, mo jókòó.

"Kúnlé, aṣọ ìkómọ rẹ wà lára rẹ̀. Àdìrẹ. Ojú mi ni Bàbá ṣe gé e lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Aṣọ ìkómọ ara rẹ lo dáná sun."

Ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lápá Iyana Iyesi. Níbi iṣẹ́, ìròyìn ti dé ṣáájú mi: "Baba Eégún, how far?" Àwọn tó ń dì mọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ń gba òdìkejì títì kọjá. Alhaji nìkan ló wọlé wá jókòó tì mí.

"Wọn ò bá bá ọ jiyàn," ló wí. "Wọn ò bá ní kí o má ṣe é mọ́. Ààfáà mi ń bá mi jiyàn, mo sì ń gbọ́. Ṣùgbọ́n kí ọmọ purọ́ fún bàbá rẹ̀ nítorí Ọlọ́run, Ọlọ́run wo ló rán an?"

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbé fóònù, tí mo ń gbé e sílẹ̀. Nígbà tí mo pe Bàbá, mo sọ gbogbo rẹ̀. Kò pariwo lọ́jọ́ yẹn.

"Kì í ṣe ìwọ lo rán an?"

"Èmi kọ́, Bàbá."

"Mo ti fura. Ìwọ ì bá ti kọ́kọ́ pè mí. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní mi ò gbé e fún un, mo ti pe ọmọ mi ní òpùrọ́ nìyẹn." Ó mí kanlẹ̀. "Kí ló kù?"

Mo wo ọwọ́ mi. Ibi tí mo dì mú nígbà tí wọ́n ń fà mí ti ya bọ́ sí mi lọ́wọ́.

"Áńkárá tèmi, Bàbá. Èyí tó ní ẹyẹ. Kò ju ìbú ọwọ́ lọ."

"Mú un wá. Ọmọ ló ń daṣọ bò wá. Ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn."

Mo gbààyè níbi iṣẹ́, mo gbé e lọ sílé. Àwọn ọkùnrin ilé pé ní ìgbàlẹ̀, wọ́n pa àkùkọ, wọ́n da obì, obì yàn, wọ́n fi òfì tuntun sí ìsàlẹ̀, wọ́n rán ìrépé mi mọ́ ọn lákọ̀ọ́kọ́. Àwọn obìnrin ilé se ọ̀lẹ̀lẹ̀, wọ́n kó aṣọ tiwọn wá sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀kú náà fúyẹ́, ó tiẹ̀ dà bí ẹni tó ń tijú. Bàbá fọwọ́ wá ẹyẹ yẹn kiri lára rẹ̀ títí ó fi rí i.

Oṣù karùn-ún lẹ́yìn ìyẹn ni Bàbá kú. Mo ránṣẹ́ sí Kúnlé. Ó wá síbi ìsìnkú, ó dúró lẹ́yìn odi. Nígbà tó gbọ́ pé Bàbá máa jáde lọ́jọ́ kejì, ó ti wọkọ̀ padà sí Ọ̀tà kí ilẹ̀ tó mọ́.

Bàbá jáde. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ń wọ́ díẹ̀, bó ṣe máa ń wọ́. Ìyá mi gbọ́ ohùn rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó fi ìborùn bojú. Bàbá pè mí, ó súre fún mi, ó ní kí ilẹ̀ àjò má gbé mi mì. Lẹ́yìn náà ó dúró, ó kọjú sí ọ̀nà.

"Ọ̀jẹ́kúnlé!"

Kò sẹ́ni tó dáhùn.

"Ọ̀jẹ́kúnlé!"

Àwọn èèyàn ń wo ilẹ̀. Ó pè é nígbà kẹta, ara mi kò gbà á mọ́.

"Ó wà ní Ọ̀tà, Bàbá," mo ní.

Ó mi orí. Ó súre tó kù sílẹ̀ fún ẹni tí kò sí níbẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó wọ ìgbàlẹ̀ lọ.

Mo padà sí Ọ̀tà, sídìí ẹ̀rọ mi. Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, mo ń wá ọkọ̀ ní Iyana Iyesi, mo rí Kúnlé láàárín èrò, Bíbélì wà ní abíyá rẹ̀. Ó ti rù. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi níbi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì, n kò dá a lóhùn. Mo ti ń kọjá lọ nígbà tó tẹ̀ lé mi, tó fi ohùn kékeré béèrè, bíi pé ó ń bẹ̀rù kí ẹlòmíràn má baà gbọ́:

"Bọ̀ọ̀dá mi. Ṣé wọ́n dárúkọ mi?"

Mo yíjú wò ó. Ẹni tí pásítọ̀ rẹ̀ ní kò sí ará ọ̀run nínú ẹ̀kú.

"Ó pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta," mo ní. "Mo bá ọ dáhùn lọ́jọ́ yẹn. N kò ní bá ọ dáhùn mọ́."

Ọkọ̀ Sango dé, mo wọ̀ ọ́.